Ẹ Má Jẹ́ Kí Fóònù Bá Yín Gé Fọ́tò Ìyàwó

Bí ìgbéyàwó bá ti kọjá ní Kàbà, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń pè mí sí: "Bùrọ̀dá, fọ́tò yín ti bàjẹ́ lórí Instagram. Ó gé mi lápá, ó wá ń fi jẹnẹrétọ̀ hàn." Fọ́tò mi kò bàjẹ́. Àárín ni fóònù máa ń gé mú, kò mọ ìyàwó yàtọ̀ sí jẹnẹrétọ̀.

Ẹ wo ọ̀kan. Fọ́tò náà fẹ̀ ní píksẹ́lì 6000, ó ga ní 4000. Ìyàwó dúró sápá ọ̀tún, ó kọjú sósì. Jẹnẹrétọ̀ àti àga oníke wà lósì, òpó kánópì wà ní ìkángun ọ̀tún. Bí a bá gé e sí 4:5 fún Instagram, ìyẹn fífẹ̀ mẹ́rin sí gíga márùn-ún, láìfọwọ́ kan gíga rẹ̀, 3200 ni fífẹ̀ tó kù, 2800 á lọ. Fóònù á yọ 1400 lósì, 1400 lọ́tùn-ún: apá ìyàwó lọ, àga kù. Èmi fa àpótí tí a fi ń gé fọ́tò sọ́tùn-ún, mo yọ 2400 lósì àti 400 péré lọ́tùn-ún. Jẹnẹrétọ̀, àga àti òpó lọ pátápátá, àyè sì ṣẹ́ kù níwájú ojú ìyàwó.

Kí ẹ tó fi pamọ́, ẹ fi ojú tọ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹsẹ̀ àga kan tó yọ létí ń gba ojú ju odindi àga lọ. Bó bá ṣẹ́ kù, ẹ dín àpótí náà kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gé ènìyàn níbi ìgúnpá tàbí ọrùn ọwọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn orí ìyàwó gan-an, gígé ò lè yọ ọ́.

Ẹ má sì gé èyí tí ẹ gbà lórí WhatsApp bí ìfiránṣẹ́ lásán. Ó ti lè sọ 6000 di bíi 1600. Bí ẹ bá gé e sí 4:5, fífẹ̀ rẹ̀ kò ní tó 900, Instagram sì ń lo 1080. Ojú á ṣú. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi Document.

Àwọn tó ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè wọlé, tí ojú ènìyàn á wá rí gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ, tí wọ́n tún ń gbowó, inú ń bí mi sí wọn. Ọ̀kan nínú wọn gé fọ́tò ẹbí ní Ìyàrá. Ó ka àbúrò ìyá ìyàwó sí ìdọ̀tí ẹ̀gbẹ́, ó yọ ọ́, ó gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ sí èjìká ìyàwó. Orí sítátọ́ọ̀sì ẹlòmíràn ni màmá náà ti rí ọwọ́ ara rẹ̀, tó mọ òrùka rẹ̀. "Ta ló gé mi kúrò lára ọmọ mi?" Odindi ẹbí ló lọ bẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìyàwó kì í ṣe ìdọ̀tí. Bí gbogbo wọn ò bá wọ inú 4:5, ẹ gbé fọ́tò náà bó ṣe wà ní 3:2. Instagram ń gbà á.