Gbèsè tó ti kú: èyí tí owó-orí gbà àti èyí tí wọ́n ń dá padà sórí èrè

Lẹ́nu òwò ohun èlò ìkọ́lé ní Àbújá, àwìn kò ṣeé sá fún. Kọ́ńtírátọ̀ á wá kó sìmẹ́ǹtì àti irin ní Dei-Dei, á ní bí wọ́n bá ti sanwó fún òun, òun náà á san. Bí ọdún bá parí tí owó kan kò wọlé, ilé-iṣẹ́ lè pa gbèsè náà rẹ́ nínú ìwé rẹ̀, kí èrè ọdún náà sì dín kù. Àmọ́ àwọn agbowó-orí kì í wo àpapọ̀ owó tí wọ́n pa rẹ́. Wọ́n ń mú gbèsè náà lọ́kọ̀ọ̀kan ni: ta ló jẹ ẹ́, kí ló sì fi hàn pé kò ní í san?

Ká mú ilé-iṣẹ́ kan tí ọdún ìṣirò rẹ̀ parí ní December 31, 2023, tí ọjà tó tà ju mílíọ̀nù 100 náírà lọ, tó sì fi ń san owó-orí ìdá 30 nínú 100. Èrè rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 40, lẹ́yìn tó ti yọ mílíọ̀nù 7.5 fún gbèsè. Abala 24(f) nínú Òfin Owó-orí Ilé-iṣẹ́ ló ń darí ọdún yẹn, torí January 1, 2026 ni Òfin Owó-orí Nàìjíríà ti 2025 ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò rẹ̀.

Mílíọ̀nù 3 jẹ́ ti oníbàárà kan ní Nyanya tí òwò rẹ̀ ti wó. Agbẹjọ́rò ti gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù dá ilé-iṣẹ́ láre, ṣùgbọ́n wọn kò rí ohunkóhun gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin gbà kí wọ́n yọ èyí kúrò nínú èrè. Ó jẹ́ owó ọjà tí wọ́n ti kà mọ́ owó tó wọlé nígbà tí wọ́n tà á, ẹ̀rí sì wà pé ó kú nínú ọdún yẹn gan-an. Owó-orí orí ọjà kò sí nínú mílíọ̀nù 3 yìí, nítorí kò fìgbà kan jẹ́ owó ilé-iṣẹ́.

Oníbàárà kejì, ní Kubwa, jẹ mílíọ̀nù 4. Sọ̀wédowó rẹ̀ ti padà láti báńkì, agbẹjọ́rò sì kọ̀wé pé bóyá ìdajì ló lè wọlé. Òfin gba gbèsè tí iyèméjì bò náà, ṣùgbọ́n kìkì ìwọ̀n tí wọ́n fi ẹ̀rí hàn pé iyèméjì bò. Nítorí náà, mílíọ̀nù 2 tí ilé-iṣẹ́ yọ ni òfin gbà. Bí ìyókù bá kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mílíọ̀nù 2 tó kù nìkan ni wọ́n tún lè yọ, kì í ṣe mílíọ̀nù 4.

Mílíọ̀nù 1.5 jẹ́ owó tí ilé-iṣẹ́ yá òṣìṣẹ́ kan tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òfò gidi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin kò gbà á. Kì í ṣe owó ọjà, kò fìgbà kan wà nínú èrè, bẹ́ẹ̀ ni owó yíyá kì í ṣe òwò ilé-iṣẹ́ tó ń ta sìmẹ́ǹtì. Báńkì tó ń yáni lówó ní tirẹ̀ lè yọ irú owó bẹ́ẹ̀, bó bá ní ẹ̀rí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣirò ti ń ṣìnà ni èyí tó kẹ́yìn. Ìlànà ìṣirò àgbáyé ní kí ilé-iṣẹ́ máa fojú sọ́nà fún òfò lórí gbogbo àwìn tó wà níta, títí kan ti oníbàárà tó ń san déédéé. Ilé-iṣẹ́ yìí ti kó mílíọ̀nù 1.5 jọ fún un ní ìparí ọdún 2022. Ní ìparí 2023, ó di mílíọ̀nù 2.5. Òfin kò gba irú owó ìpamọ́ gbogbogbòò bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí gbèsè kan pàtó tí a lè tọ́ka sí. Àmọ́ mílíọ̀nù 1 tó fi pọ̀ sí i ni wọ́n yọ nínú èrè ọdún yìí, òun nìkan ló sì yẹ kí wọ́n dá padà sórí èrè, kí owó-orí lè dé orí rẹ̀. Ẹni tó bá dá gbogbo mílíọ̀nù 2.5 padà ti san owó-orí lórí mílíọ̀nù 1.5 lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá sì jẹ́ pé owó ìpamọ́ náà dín kù lọ́dún míì, tó fi bù kún èrè, wọ́n á yọ ohun tó bù kún un kúrò, torí wọ́n ti san owó-orí lórí rẹ̀ rí.

Nítorí náà, mílíọ̀nù 2.5 ló padà sórí èrè: 1.5 ti òṣìṣẹ́ àti 1 ti owó ìpamọ́. Bí a bá fi àwọn àtúnṣe mìíràn sílẹ̀, èrè tí owó-orí dé di mílíọ̀nù 42.5, owó-orí ilé-iṣẹ́ sì fi 750,000 náírà lé.

Ẹ̀rí ni gbogbo rẹ̀ dá lé: lẹ́tà tí wọ́n fi bèèrè owó, sọ̀wédowó tó padà, ìdájọ́ kóòtù, àbọ̀ agbẹjọ́rò, ìpinnu ìgbìmọ̀ olùdarí lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ní Àbújá, tí ọ̀pọ̀ gbèsè wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, pípẹ́ nìkan kò tó ẹ̀rí. Ìjọba tó ń fi owó falẹ̀ ṣì lè san. Ẹni tó sì jókòó láìbèèrè gbọ́dọ̀ rántí pé lábẹ́ òfin Àbújá, ẹjọ́ lórí gbèsè àdéhùn lásán kò ṣeé pè mọ́ lẹ́yìn ọdún 6.

Bí oníbàárà Nyanya bá wá fi 500,000 náírà ránṣẹ́ lọ́dún mìíràn, owó òwò ni fún ọdún tó wọlé, owó-orí sì dé orí rẹ̀.