Ìtàn Bí A Ṣe Mọ Ohun Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ẹsẹ̀ Sinmi Lóru

Àìsàn kan wà tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ènìyàn bá ti dùbúlẹ̀ láti sùn ni ó máa ń jí. Ohun kan á máa rìn nínú ẹsẹ̀, kì í ṣe lórí awọ ara, inú lọ́hùn-ún ni, pàápàá láti orúnkún sísàlẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe kì í lè sọ pé ìrora ni, kì í sì í lè sọ pé ìyún ni. Ohun tí ó mọ̀ ni pé òun kò lè ṣàì gbé ẹsẹ̀ náà. Bí ó bá nà án, tàbí tí ó dìde rìn yíká yàrá, ara á tù ú lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá tún dùbúlẹ̀, ó tún di ọ̀tun. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, gbogbo rẹ̀ á ti rọlẹ̀, nítorí náà ni àwọn tí ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án kò ṣe fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Willis, ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí lókìkí jù lọ nínú àwọn ti àtijọ́. Ní ọdún 1672, nínú ìwé tí ó kọ ní èdè Látìn, ó ṣàpèjúwe àwọn tí apá àti ẹsẹ̀ wọn máa ń ta pọ́ún-pọ́ún nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn, tí wọ́n á sì máa yí kiri débi pé oorun wọn kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí a ń dá lóró. Ó fi oògùn tí a ṣe láti ara ópíọ̀mù tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Oògùn tí ó wà nínú ẹbí ópíọ̀mù ṣì ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tí àrùn náà le gan-an fún títí di òní, nítorí náà Willis kò ṣìnà nípa ìtọ́jú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tí ó fà á.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dákẹ́ fún nǹkan bí igba ọdún. Ní 1861, oníṣègùn ará Jámánì kan, Theodor Wittmaack, tún kọ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ó so ó pọ̀ mọ́ àìbalẹ̀ ọkàn. Lójú tèmi, èrò yìí ni ó pa àwọn aláìsàn lára jù, nítorí pé nígbà tí oníṣègùn bá ti gbà pé ọkàn ni ó ń ṣe ènìyàn, kò ní yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ẹni tí ó mú un kúrò níbẹ̀ ni Karl-Axel Ekbom, onímọ̀ nípa àrùn iṣan àti ọpọlọ ní ilẹ̀ Swídìn. Ní 1945, ó tẹ ìwé kan jáde lórí àrùn yìí nìkan, ó sì fún un ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ẹsẹ̀ tí kò sinmi. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó fara balẹ̀ wo irú àwọn ènìyàn tí àrùn náà ń mú, tí ó sì rí i pé ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláboyún àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ohun tí ó pa àwọn ènìyàn wọ̀nyí pọ̀ ni pé èròjà irin tètè máa ń tán lára wọn.

Ará Swídìn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Nordlander, ni ó dán ọ̀rọ̀ náà wò. Láàárín ọdún 1953 sí 1954, ó ròyìn pé òun fa èròjà irin sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò sinmi, ara àwọn tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì yá. Àwọn kan nínú wọn kì í ṣe ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò tó. Nordlander wá sọ ohun tí ó ṣáájú ìgbà rẹ̀: ó ṣeé ṣe kí irin ṣọ̀wọ́n nínú àwọn ẹ̀yà ara nígbà tí iye tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ṣì dára. Kò sí ẹni tí ó lè wo inú ọpọlọ lásìkò náà láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Ọ̀nà mìíràn ni ìdáhùn gbà wá. Ní 1982, oníṣègùn ará Tọ́kì kan, Akpinar, ròyìn pé oògùn lẹfodópà, tí wọ́n ń lò fún àrùn Pákínsìn, mú kí ẹsẹ̀ dákẹ́. Inú ọpọlọ ni oògùn yìí ti ń di dópámìnì, èròjà tí àwọn fọ́nrán ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Ara kò sì lè ṣe dópámìnì láìsí irin, nítorí pé ohun tí ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nínú fọ́nrán kò lè ṣiṣẹ́ bí irin kò bá sí nínú rẹ̀. Ibí ni okùn méjèèjì ti pàdé. Ní ọdún 2000, Earley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé fẹ́rítìnì, ìyẹn èròjà tí ara fi ń tọ́jú irin pa mọ́, kéré nínú omi tí ó yí ọpọlọ ká lára àwọn aláìsàn yìí, bẹ́ẹ̀ èyí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ní 2003, wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn tí ó ti kú wò, wọ́n sì bá irin tí kò tó nínú àwọn fọ́nrán tí ń ṣe dópámìnì. Nordlander ti sọ òótọ́.

Láti ìgbà náà ni ìtumọ̀ èsì àyẹ̀wò ti yí padà. Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń pọ̀, tí ẹsẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó sùn. Àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó, fẹ́rítìnì rẹ̀ sì jẹ́ 22 máíkírógíráàmù nínú lítà kan. Tẹ́lẹ̀, wọn ì bá sọ fún un pé kò sí nǹkan kan, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ka iye náà sí èyí tí ó dára. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sinmi, bí fẹ́rítìnì bá jẹ́ 75 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, irin ni a kọ́kọ́ máa ń fún un. Yóò máa lo hóró oògùn tí ó ní nǹkan bí 65 mílígíráàmù irin, pẹ̀lú fítámì C, ní ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ tàbí ní ọjọ́ kan sí èkejì, wọn yóò sì tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Kò ní sùn dáadáa lọ́sẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀. Ọpọlọ kì í tètè gba irin. Bí inú rẹ̀ kò bá gba hóró náà, tàbí tí fẹ́rítìnì kò gòkè, a lè fa irin sí i ní iṣan, bí Nordlander ti ṣe.

Ohun méjì lè da èsì náà rú. Ibà tàbí ìwúlé lára máa ń gbé fẹ́rítìnì ga láìjẹ́ pé irin pọ̀ sí i, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n dúró títí ara yóò fi yá kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n sì tún wo bí irin ṣe kún ohun tí ń gbé e kiri nínú ẹ̀jẹ̀ tó. Èkejì ni oògùn. Bí obìnrin yìí bá ń lo oògùn ara yíyún tí ń mú oorun kunni, irú èyí tí àwọn ènìyàn máa ń rà láti fi sùn, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè máa ru ẹsẹ̀ náà sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ oògùn ìbànújẹ́ ọkàn àti oògùn èébì tí ń dí dópámìnì lọ́nà.

Irin kì í ṣe ìdí kan ṣoṣo. Àrùn náà wọ́pọ̀ lára àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀, ó máa ń le sí i ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn oyún tí ó sì sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbí, ó sì máa ń ti inú ìdílé wá, pàápàá bí ó bá bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó pé 45 ọdún. Ní 2007, wọ́n rí àkọ́kọ́ nínú àwọn àmì àjogúnbá tí ó jẹ mọ́ ọn. Àwọn tí irin wọn pé tí ẹsẹ̀ sì ń yọ wọ́n lẹ́nu ni wọ́n máa ń fún ní oògùn bíi gábápẹ́ntìnì. Oògùn tí ń ṣiṣẹ́ bíi dópámìnì ni wọ́n ń fi ṣáájú fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn Akpinar, títí wọ́n fi rí i pé bí ó bá pẹ́ lára, àrùn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní ìrọ̀lẹ́ dípò alẹ́, á sì gba apá mọ́ ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fi kún oògùn náà, ó máa ń burú sí i.