Owó Ìfẹ̀yìntì Tí Wọ́n Yọ Lára Owó Oṣù Rẹ Kò Sí Lápò Ọ̀gá

Àbúrò mi,

Mo gbọ́ pé o ń sọ fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ pé ₦150,000 la jọ ṣàdéhùn, ₦126,025 ló sì wọ àkáǹtì rẹ, pé iléeṣẹ́ ti jẹ ìyókù. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tuntun ló gbà bẹ́ẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Mú ìwé owó oṣù rẹ jáde ká jọ kà á.

Òkè pátápátá ni owó iṣẹ́ gan-an, ₦60,000, lẹ́yìn náà owó ilé ₦45,000 àti owó ọkọ̀ ₦45,000. Ro wọ́n pọ̀, ₦150,000 náà ló pé yẹn.

Ibi tí wọ́n kọ NHF sí, ₦1,500 ni. Owó ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, náírà méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ gan-an.

PAYE ni owó orí, ₦10,475. Kì í ṣe gbogbo owó rẹ ni wọ́n bu owó orí lé. Lọ́dún, ₦1,800,000 ni owó rẹ. Tí a bá yọ owó ìfẹ̀yìntì àti NHF kúrò, ó ku ₦1,638,000. Lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí rárá. ₦838,000 tó kù ni wọ́n gba náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé lórí nínú ọgọ́rùn-ún: ₦125,700 lọ́dún, ìyẹn ₦10,475 lóṣooṣù. Tó o bá ń san ₦300,000 fún onílé lọ́dún, mú rìsíìtì rẹ̀ wá. Ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ yóò kúrò nínú iye tí wọ́n ń bu owó orí lé, PAYE rẹ á sì di ₦9,725.

Ibi tó dùn ọ́ jù lọ ni ₦12,000 owó ìfẹ̀yìntì. Náírà mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ₦150,000 náà ni. Ohun tí ìwé yìí kò fi hàn ọ́ ni pé iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ₦15,000 tiwọn kún un, láìfọwọ́ kan owó oṣù rẹ. ₦27,000 ló yẹ kó wọ RSA rẹ, ìyẹn àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì tìrẹ, lóṣooṣù, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá sanwó. Orúkọ rẹ ni àkáǹtì náà ń jẹ́. Tó o bá kúrò níbí, yóò bá ọ lọ. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá láìríṣẹ́, o lè gba tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀.

Àwọn ọ̀gá kan máa ń yọ owó yìí láìfi ránṣẹ́, àwọn mìíràn á yọ ìpín tiwọn náà lára owó òṣìṣẹ́. Ìwà ìrẹ́jẹ gbáà ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó o gba nọ́ńbà RSA rẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì rẹ, kó o sì fún wọn ní nọ́ńbà fóònù tó o ń lò, kí àtẹ̀jíṣẹ́ lè máa wọlé. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá lẹ́yìn owó oṣù tí o kò rí ₦27,000, wá bá mi ní ọ́fíìsì ìṣirò owó. Bí wọn kò bá tún un ṣe, kọ̀wé sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, kó o so ìwé owó oṣù yìí mọ́ ọn.