Oṣù 36 láti Ìgbà Wo?

Gbólóhùn kan kì í tán bí a bá ń túmọ̀ òfin ètò póìntì àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú sí Yorùbá: “Póìntì yín yóò dópin lẹ́yìn oṣù 36.” Ẹni tó bá kà á yóò bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ọjọ́ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, yóò ka ọdún mẹ́ta, yóò sì gbà pé ohun tó kù ti ṣòfò. Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé bí iye oṣù bá ti pé, iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ètò méjì lè kọ iye kan náà, tàbí ọdún mẹ́ta tó jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kí òfin wọn má sì jọra rárá.

Ẹ wo Avios, póìntì tí British Airways ń lò. Àkáǹtì lódindi ni wọ́n ń ka oṣù 36 fún. Bí ẹ bá gba Avios, tí ẹ ná an, tàbí tí ẹ rà á, ẹyọ kan péré pàápàá, ìṣirò yóò bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun fún gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ti KrisFlyer, ètò Singapore Airlines, kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, èyí tí ẹ gbà lóṣù kan ní ọdún mẹ́ta tirẹ̀, ìparí oṣù yẹn ni yóò sì lọ. Kí ẹ gba òmíràn kò fi ọjọ́ kún ti àtijọ́.

Ká ní ẹnì kan gba póìntì 4,000 lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹta 2022, ó tún gba 1,500 lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹfà 2023, kò sì tún ṣe ohunkóhun mọ́. Lọ́nà ti KrisFlyer, 4,000 náà lọ ní ìparí oṣù Kẹta 2025, 1,500 sì lọ ní ìparí oṣù Kẹfà 2026. Lọ́nà ti Avios, gbogbo 5,500 wà títí di oṣù Kẹfà 2026. Ìtumọ̀ tó kọ “lẹ́yìn oṣù 36” lásán yóò mú kí onítọ̀hún pa 4,000 tì ní oṣù márùndínlógún ṣáájú àkókò rẹ̀.

Àwọn kan mọ̀ pé nǹkan kan kù, wọ́n wá fi “bí ẹ kò bá lò wọ́n” sí i. Ó dára díẹ̀, àmọ́ kò tíì tó. “Lò” ní ilé wa, ná ni a máa gbọ́. Ẹni tó ń gba Avios lóṣooṣù tí kò tíì ná ọ̀kan yóò rò pé ewu ń bọ̀, yóò sì sáré ná an sórí ohun tí kò fẹ́. Èyí ló sún mọ́ òfin náà: “Bí oṣù 36 bá kọjá tí Avios kankan kò wọlé sí àkáǹtì yín, tí ọ̀kan kò sì jáde, gbogbo èyí tó wà níbẹ̀ yóò ṣòfò.” Síbẹ̀, olùtumọ̀ ṣì gbọ́dọ̀ wo ohun tí ètò náà kà sí ìwọlé àti ìjáde, nítorí gbogbo ètò kọ́ ló ka nǹkan kan náà.

Ọjọ́ tún burú ju oṣù lọ. Ìṣirò wa máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn: ìjẹta kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta gbáko sẹ́yìn. Òfin àdéhùn ní England, ní tirẹ̀, sábà máa ń yọ ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ kúrò. Bí ẹ̀bùn bá dé lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n ní ọjọ́ márùn-ún, ìṣirò wa yóò parí ní ọjọ́ Ẹtì, ti England ní Sátidé. Ẹni tó wá kọ “ìtàdógún” fún ọjọ́ 14 tilẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ tí 17 wà nínú orúkọ rẹ̀. Ó sàn kí a kọ nọ́ńbà, kí a sì sọ ọjọ́ tí ìkà bẹ̀rẹ̀.

Ti ipò ọmọ ẹgbẹ́ nínú ètò kò pẹ́ láti sọ. Ní British Airways, póìntì tí ń gbé ènìyàn dé ipò Silver tàbí Gold kì í ṣe Avios tí a ń ná; ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ni òǹkà rẹ̀ ń padà sí òdo. Bí ìtumọ̀ bá pe méjèèjì ní “póìntì,” òǹkàwé yóò máa bẹ̀rù pé níná yóò já òun lulẹ̀ ní ipò.

Ní ti gbígba ẹ̀bùn, ẹ ṣọ́ “lè.” “Ẹ lè fi póìntì gba tíkẹ́ẹ̀tì” kò sọ pé àyè yóò wà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé owó orí àti owó pápákọ̀ kò sí. Ẹ jẹ́ kí ìtumọ̀ sọ ọ́ tààrà pé ẹ ó ṣì san wọ́n.

Mi ò sọ pé ìtumọ̀ tó péye yóò gba póìntì ẹnikẹ́ni padà. Ọ̀pọ̀ ètò ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì ni yóò borí bí méjèèjì bá takora. Nítorí náà, bí ojú ìwé àkáǹtì yín bá fi ọjọ́ tí póìntì máa dópin hàn, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe ìṣirò tí ẹ ṣe láti inú ìtumọ̀.