Fọ́ọ̀mù Tí Wọ́ọ̀dù Fi Ń Béèrè Mọfíìnì: Ọwọ́ Ta Ni Oògùn Náà Wà Báyìí?

Bí parasitámọ́ọ̀lù bá tán ní wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì á kọ ọ́ mọ́ àwọn oògùn yòókù, fámásì á sì kó gbogbo rẹ̀ wá pọ̀. Tó bá kan mọfíìnì, pẹ́tídìnì tàbí fẹ́ńtánílì, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ń pa ìrora tó le gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń di bárakú, àwọn kan sì ń wá ọ̀nà láti jí wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní fọ́ọ̀mù tiwọn lọ́tọ̀. Ẹni tó bá wo fọ́ọ̀mù náà lóréfèé lè rò pé ìwé ìbéèrè lásán ni. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé, ní wákàtí èyíkéyìí, kó ṣeé sọ ẹni tí oògùn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ìwé tí wọ́n dì pọ̀ ni, tí ojú ewé rẹ̀ ní nọ́ńbà, tí ohun tí wọ́n kọ sórí ewé àkọ́kọ́ sì ń hàn lórí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ya ewé kan, nọ́ńbà tó fò á tú u fó. Oògùn kan ṣoṣo, ní agbára kan ṣoṣo, ló ń gba ojú ewé kan. Àpẹẹrẹ ni mọfíìnì abẹ́rẹ́: ó wà nínú ìgò kékeré tí wọ́n ń ṣẹ́ lọ́rùn, èyí tí wọ́n ń pè ní áńpúùlù. Áńpúùlù kan lè ní miligíráàmù 10, òmíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì lè ní miligíráàmù 15. Ẹni tó bá kọ “mọfíìnì, 10” kò tíì sọ nǹkan kan. Ṣé agbára ni 10 yẹn ni, àbí iye áńpúùlù, àbí iye páálí? Bí páálí kan bá gba áńpúùlù 10, páálí 10 á jẹ́ 100. Nítorí náà, áńpúùlù ni wọ́n ń kà, kì í ṣe páálí, wọ́n sì ń kọ iye náà lẹ́ẹ̀mejì: “10 (áńpúùlù mẹ́wàá)”. Òdo kan ò ṣòro láti fi kún ẹ̀yìn 10. Mẹ́wàá kò ṣeé sọ di ọgọ́rùn-ún láìjẹ́ pé ojú rí i.

Ìbuwọ́lù mẹ́rin ló sábà máa ń wà lórí ewé náà, kò sì sí èyí tó ń sọ ohun kan náà pẹ̀lú ìkejì rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti nọ́ọ̀sì tó wà nídìí wọ́ọ̀dù: òun ló ní kí oògùn náà wá. Fámásì ní àkọsílẹ̀ ìbuwọ́lù àwọn tí wọ́n fún láṣẹ, wọ́n sì ń fi èyí tó wà lórí fọ́ọ̀mù wé e kí wọ́n tó fọwọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù. Apòògùn ló ń bu èkejì: iye báyìí ló kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ń gbé e lọ ló ń bu ẹ̀kẹta, ìbuwọ́lù yìí sì máa ń yà àwọn èèyàn lẹ́nu. Àpò tí wọ́n ti lẹ̀ pa ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, nítorí náà kò lè jẹ́rìí sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń sọ kò ju pé òun gba àpò kan tí ẹnu rẹ̀ pa dé. Bí àpò bá dé wọ́ọ̀dù tí ẹnu rẹ̀ ti là, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìbéèrè á ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbà á ní wọ́ọ̀dù ló ń bu ẹ̀kẹrin, lẹ́yìn tó bá ti já àpò náà tó sì kà á. Kò yẹ kó bu ọwọ́ lù ú kó tó kà á, bó ti wù kí ẹni tó gbé e wá máa kánjú tó.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á kọ iye tó wọlé sínú rẹ́jísítà wọ́ọ̀dù, ẹnì kejì á jẹ́rìí sí i, oògùn á sì wọ kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù yìí máa ń wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mìíràn, wọ́n kàn án mọ́ ògiri, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sì yàtọ̀. Ara nọ́ọ̀sì tó wà nídìí iṣẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ náà ń wà, kì í ṣe inú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Bí àwọn kan bá ń gbé iṣẹ́ lé àwọn mìíràn lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì méjì, ọ̀kan láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, á jọ ka gbogbo ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n á sì fi wé rẹ́jísítà. Ọ̀nà tó dára láti kà á ni kí ẹnì kan máa ka áńpúùlù kí ẹnì kejì má sì tíì sọ iye tó wà nínú ìwé. Ẹni tó ti gbọ́ iye tí ìwé sọ, iye yẹn náà ni ojú rẹ̀ sábà máa ń rí.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń rí nígbà tí iye ò bá bára mu. Ká ní áńpúùlù miligíráàmù 10 méje ló kù ní wọ́ọ̀dù kan, wọ́n béèrè mẹ́wàá, mẹ́wàá dé, rẹ́jísítà di 17. Lọ́sàn-án, aláìsàn kan gba miligíráàmù 5. Áńpúùlù odindi ló jáde; wọ́n da miligíráàmù 5 tó kù nù lójú ẹlẹ́rìí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé di 16. Nígbà tí wọ́n kà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì, 15 ni wọ́n bá.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ wò ni ẹ̀dà fọ́ọ̀mù: ṣé mẹ́wàá ni fámásì fi ránṣẹ́ lóòótọ́, ṣé nọ́ọ̀sì sì bu ọwọ́ lu mẹ́wàá? Bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà, wọ́ọ̀dù ni ọ̀ràn wà. Wọ́n ṣí ojú ewé miligíráàmù 15 nínú rẹ́jísítà, wọ́n rí i pé ìwé ní mẹ́rin ló kù, márùn-ún ló sì wà nínú páálí. Ọ̀kan dín níbì kan, ọ̀kan lé níbòmíràn. Olè kì í sábà fi irú àmì báyìí sílẹ̀. Ó jọ pé ẹnì kan mú áńpúùlù láti páálí kan, ó sì kọ ọ́ sí ojú ewé èkejì.

Ìlà tó gbẹ̀yìn ní ojú ewé miligíráàmù 15 sọ pé aago méjì òru ni wọ́n fún aláìsàn ní miligíráàmù 10, kò sì sí ohun tí wọ́n kọ pé wọ́n dà nù. Tó bá jẹ́ áńpúùlù 15 ni wọ́n ṣẹ́, ó yẹ kí 5 ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n kò tíì tán. Wọ́n ní láti wo ìwé ìtọ́jú aláìsàn náà, nítorí pé tó bá jẹ́ 15 ni dókítà kọ, a jẹ́ pé oògùn tó gbà kò tó, ìyẹn sì ti kúrò ní ọ̀ràn ìwé lásán. Dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́ lójú ẹsẹ̀. 10 ni dókítà kọ. Ojú ewé nìkan ni wọ́n ṣì.

Wọn kò gbọdọ̀ pa ìlà náà rẹ́, wọn kò sì gbọdọ̀ fi ìnkì funfun bò ó. Ìlà tuntun ni wọ́n kọ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú déètì, aago àti àlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì méjèèjì sì bu ọwọ́ lù ú. Ká ní wọn ò rí ìdí rẹ̀ ni, wọn ò ní dúró dìgbà tí ẹlòmíràn á kà á lálẹ́. Wọ́n á fi tó apòògùn àti ọ̀gá nọ́ọ̀sì létí láàárọ̀ yẹn, kí ẹni tó ṣiṣẹ́ òru tó lọ sílé.

Báyìí, ojú ewé kan ka 15, èkejì ka márùn-ún, bó ṣe wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù gẹ́lẹ́. Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì òru yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára, ó sì gbé e fún ẹni tó gbaṣẹ́.