Ta ló sọ fún yín pé "Mo lo oògùn" jẹ́ ti ìsinsìnyí?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, ọmọ mẹ́rin ló gbé ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá wọn wá bá mi, àṣìṣe kan náà ló sì wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí wọ́n bá ti rí gbólóhùn Yorùbá tí kò ní "ń", tí kò ní "ti", tí kò sì ní "yóò", wọn á kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bí ohun téèyàn ń ṣe lójoojúmọ́. "Adé ra ìwé" di "Ade buys a book." Mo bi èyí tó dàgbà jù nínú wọn pé ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó fa bébà kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó ní tíṣà lẹ́sìnnì àwọn ló pín in. Ìlà mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀: tí kò bá sí àmì, ìsinsìnyí ni, "ń" ni "-ing", "ti" ni "have", "máa" ni "will".

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òbí mọ̀ pé bébà yẹn kò yàtọ̀ sí oògùn ayédèrú. Ó rọrùn láti gbé mì, ẹ ó sì sanwó lé e, àmọ́ àìsàn ni yóò dá sílẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ló burú jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ni mo sì fẹ́ bá wí lónìí. N kò ní í dúró ṣàlàyé ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ́.

Yorùbá kì í pa ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ dà nítorí àkókò. "Ra" tí a rà lánàá, "ra" náà ni. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí o tó lè kọ ọ̀rọ̀-ìṣe kan sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, o ní láti yan bóyá ó ti kọjá tàbí ó ṣì wà. Ohun tí Yorùbá kò kọ síta, ìwọ tí ò ń túmọ̀ ni wàá wá a rí. Ìwé atúmọ̀ èdè kò lè bá ọ wá a. Láti 1843 tí Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì jáde ni a ti ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n sì ń ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́ ni wọ́n ń sọ, wọn kì í sọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀.

Inú irú ọ̀rọ̀-ìṣe náà fúnra rẹ̀ ni àkókò fara pa mọ́ sí. Àwọn kan jẹ́ iṣẹ́ tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ tó sì lè parí: rà, lọ, kọ, jẹ, ṣí, lò. Tí irú èyí bá dá dúró láìní àmì kankan, ó ti ṣẹlẹ̀ tán. "Adé ra ìwé" ni "Ade bought a book," kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àwọn mìíràn kì í ṣe iṣẹ́, ipò tí èèyàn wà ni wọ́n ń sọ: mọ̀, ní, fẹ́, fẹ́ràn, ga. Ìwọ̀nyí ló jẹ́ ti ìsinsìnyí tí wọn kò bá ní àmì. "Adé ní ìwé" ni "Ade has a book." Ẹ wo gbólóhùn méjèèjì dáadáa. Ìrísí wọn dọ́gba, ọ̀rọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n, síbẹ̀ ọ̀kan ti kọjá, ìkejì ṣì wà.

Ọmọ tí kò bá mọ èyí tó wà níwájú rẹ̀, kó bi ara rẹ̀ pé, "Kí ni Adé ń ṣe báyìí?" Tí ìdáhùn bá jẹ́ "Ó ń ra ìwé," etí gbà á, iṣẹ́ ni. Tó bá wá ní "Ó ń ní ìwé," òun fúnra rẹ̀ yóò gbọ́ pé kò sẹ́ni tó ń dáhùn bẹ́ẹ̀. Ipò ni. Ọmọ tó bá ń sọ Yorùbá nílé ti ní ìdánwò yìí létí láti kékeré, kò nílò bébà ẹnikẹ́ni.

Ó ku àwọn kan tí wọ́n fẹsẹ̀ kan sí apá kìíní, tí wọ́n fẹsẹ̀ kejì sí èkejì: wọ̀, jókòó, sùn. Àwọn wọ̀nyí kì í jẹ́ kí n sinmi. Iṣẹ́ ni wọ́n, àmọ́ tí iṣẹ́ náà bá parí, ipò kan ló máa ń fi sílẹ̀. "Ó wọ aṣọ funfun" lè jẹ́ pé ó gbé aṣọ náà sọ́rùn, ó sì lè jẹ́ pé òun ló wà lọ́rùn rẹ̀ títí di báyìí. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ni yóò sọ èyí tó jẹ́. Ti "sùn" tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àlejò kan kan ilẹ̀kùn, ó ní òun fẹ́ rí màmá yín, ẹ sì dá a lóhùn pé, "Wọ́n ti sùn." Bébà tíṣà ní "ti" ni "have," ni ọmọ bá kọ "She has slept." Lójú ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé màmá ti sun oorun rẹ̀ tán. Àlejò yóò rò pé òun lè wọlé wá kí wọn! Ohun tí ẹ ní lọ́kàn ni "She is asleep." Gẹ̀ẹ́sì tòótọ́ kò ní "have" kankan nínú, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun tó sọnù nínú Yorùbá náà.

Ẹ jẹ́ ká wá mú iṣẹ́ kan ní odindi. Gbólóhùn mẹ́rin tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn gbé wá nìyí: "Dúpẹ́ dé ilé ní alẹ́. Ó wọ aṣọ funfun. Ebi ń pa á. Ó mọ̀ pé màmá rẹ̀ ti sùn." Ohun tó kọ ni: "Dupe arrives home in the night. She wears white cloth. Hunger is killing her. She knows that her mother has slept."

Mo ní kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kó kọ́kọ́ wá ibi tí ìtàn náà dúró sí. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ló ń sọ ọ́. "Dé" jẹ́ iṣẹ́, kò ní àmì, nítorí náà ó ti kọjá: "Dupe got home at night." Láti ibẹ̀, alẹ́ ọjọ́ náà ni gbogbo ìtàn yòókù wà, Gẹ̀ẹ́sì yóò sì fa gbogbo wọn sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti gbé wa dé alẹ́ ọjọ́ náà, ó wá ń sọ̀rọ̀ bíi pé a dúró ti Dúpẹ́, ìdí nìyẹn tí "ń pa" àti "mọ̀" fi dà bí ohun tó ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá fi wọ́n sílẹ̀ ní ìsinsìnyí ní Gẹ̀ẹ́sì ti gé ìtàn sí méjì. Aṣọ funfun ti wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó ń dé, kò sẹ́ni tó ń wọṣọ lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà "She was wearing white." "Mọ̀" jẹ́ ipò, ipò náà sì jẹ́ ti alẹ́ yẹn: "She knew that her mother was asleep." Tó bá kọ "had gone to bed" dípò "was asleep," màá gbà á pẹ̀lú.

Ó wá ku ebi. Nínú Yorùbá, ohun tó ń ṣe èèyàn ló máa ń ṣíwájú: ebi ń pa mí, orí ń fọ́ mi, oorun ń kùn mí, ojú tì mí. Ebi ló ń ṣiṣẹ́, èmi ni iṣẹ́ bá. Gẹ̀ẹ́sì yóò gbé èèyàn síwájú, á sì sọ ọ̀rọ̀ náà di ipò tó wà tàbí ohun tó ní: "I am hungry," "I have a headache," "I am sleepy," "I am ashamed." Bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀, "ń" kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe mọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá "-ing" tí yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ti Dúpẹ́ di "She was hungry." Wọ́n máa ń bi mí bóyá "Hunger is killing her" kò ní jẹ́ kí adùn Yorùbá hàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sọ pé ebi ń pa òun ní Yorùbá kò ké gbàjarè, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ló sọ. Ẹni tó gbọ́ "killing" yóò rò pé ẹnì kan fẹ́ kú.

Ìlà kẹrin bébà yẹn náà, "máa" ni "will," ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà níwọ̀n ìgbà tí "máa ń" bá yọjú. "Ó máa ń lọ" ni "He goes," ohun tó ń ṣe nígbà gbogbo. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ títí di ọjọ́ mìíràn.

Ìdí tí n kò fi lè fojú kéré ìlà àkọ́kọ́ yẹn ni ohun tí mo rí ní ilé ìwòsàn kan. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mò ń dúró de ẹlòmíràn tí wọ́n ní kí n wá ṣe ògbufọ̀ fún. Ìyá àgbà kan wà níwájú mi pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò lè ju ọdún mẹ́tàlá lọ, ọmọ náà ló ń túmọ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn kò gbọ́ Yorùbá. Ó béèrè nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ti kọ fún ìyá náà. Ìyá dáhùn pé, "Mo lo oògùn náà, ara mi sì yá." Ọmọ yíjú sí nọ́ọ̀sì: "I take the medicine and I am well." Nọ́ọ̀sì mi orí, ó kọ nǹkan sínú káàdì, ó ti ń múra láti pe ẹlòmíràn.

Ara mi kò gbà á. "Lò" jẹ́ iṣẹ́, ìyá náà kò fi "ń" sí i, kò sì sọ pé òun "máa ń" lò ó. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mo wá bi ìyá pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ lo oògùn yẹn kẹ́yìn?" Wọ́n ní, "Háà, ó ti tó oṣù méjì. Ṣé mo ti ní ara mi yá?" Oògùn tí wọn kò gbọ́dọ̀ dá dúró fúnra wọn, oògùn tó jẹ́ pé bí ara bá tilẹ̀ yá, wọ́n ṣì ní láti máa lò ó. Nọ́ọ̀sì dá káàdì náà padà sórí tábìlì, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá náà, ó tún un wọ̀n, ó sì dìde lọ pe dókítà.

Nígbà tí wọ́n mú ìyá wọlé, ọmọ náà wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì. Ojú ń tì í. Ó ní iye àmì tí òun gbà lórí iṣẹ́ àṣetiléwá kò burú, pé bí wọ́n ṣe kọ́ òun nìyẹn. Ó bi mí bóyá ó yẹ kí òun ti fi kún un pé ìyá òun ti dáwọ́ oògùn dúró. Mo ní rárá, ìyá kò sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀ láti fi kún un. "I took the medicine and I got better" ni ìyá sọ. Bí nọ́ọ̀sì bá ti gbọ́ "took," òun fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè pé ìgbà wo.