Ẹni Tí Kò Ṣe Ìdánwò Kò Gba Òdo

Bí táàmù bá ti parí báyìí, àwòrán èsì ìdánwò ló máa ń kún inú fóònù mi. Òbí kan á ya ojú fóònù rẹ̀, á fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo kíláàsì yìí. Ṣé tíṣà ìṣirò yìí mọṣẹ́ ṣá?" Ìbéèrè gidi ni, mo sì fẹ́ràn láti dá a lóhùn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kí àwòrán náà tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n á ti gbé e lọ sí kàfé kan ní Adó. Ọmọ tó wà níbẹ̀ á ti fi áàpù ka àwòrán náà sínú Excel, á tẹ ìpíndọ́gba jáde, á sì gbowó. Kò ní fojú kan orí ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú kíláàsì kékeré kan wò: ọmọ mọ́kànlá, iṣẹ́ ìṣirò, tésìtì gba 40, ìdánwò gba 60, àpapọ̀ jẹ́ 100. Ní òpó àpapọ̀, a rí 72, 38, 55, 61, 47, 85, 58, 64, 50 àti 60. Ọmọ kọkànlá ní tiẹ̀, ABS ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Ibà ló dá a dúró sílé lọ́jọ́ ìdánwò.

Ìpíndọ́gba kò le: àròpọ̀ máàkì àwọn mẹ́wàá tó ṣe ìdánwò jẹ́ 590, a pín in sí mẹ́wàá, ó di 59. Fún máàkì àárín, ẹ tò wọ́n láti kékeré sí ńlá, kí ẹ wo ẹni tó bọ́ sí àárín gbùngbùn. Mẹ́wàá ni wọ́n, nítorí náà ẹni méjì ló wà láàárín, 58 àti 60. Ìdajì àròpọ̀ wọn jẹ́ 59. Ìpíndọ́gba àti àárín bára mu, èyí fi hàn pé kò sí máàkì kan tó dá fa kíláàsì náà sápá kan.

Ìtànká, ìyẹn bí máàkì àwọn ọmọ ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba tó, ni àwọn èèyàn kì í béèrè, bẹ́ẹ̀ òun ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹ yọ 59 kúrò lára máàkì ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó gba 72 fi 13 ga jù ú, ọmọ tó gba 38 fi 21 rẹlẹ̀ sí i. Ẹ sọ ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, kí èyí tó ga àti èyí tó rẹlẹ̀ má baà pa ara wọn rẹ́. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 1558. Pín in sí mẹ́wàá, ó di 155.8, kí ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀ onílọ̀ọ́po méjì: ó lé díẹ̀ sí 12.4, ẹ pè é ní 12.5. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ kíláàsì náà kò jìnnà sí 59 ju bíi máàkì 12 lọ, yálà lókè tàbí nísàlẹ̀. Ẹ kà á: méje nínú mẹ́wàá ló wà láàárín 47 sí 71.

Ní báyìí, ọmọ kàfé wa pa ABS rẹ́, ó fi 0 sí i, ó ní kí tábìlì má baà ní ihò. Ẹ wo ohun tó ṣe. Ìpíndọ́gba já láti 59 sí 53.6. Ìtànká fò láti 12.5 sí 20.7. Máàkì àárín nìkan ni kò mira púpọ̀, ó bọ́ sí 58. Ọmọ kan ṣoṣo tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ló sọ kíláàsì tó ń ṣe dáadáa di kíláàsì tó dà rú. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé ìpíndọ́gba rẹlẹ̀ sí àárín gan-an, tí ìtànká sì tóbi, ẹ wá òdo kí ẹ tó wá ẹjọ́ tíṣà. Ọmọ tó jókòó ìdánwò tó sì gba òdo lóòótọ́, tirẹ̀ wọ inú ìṣirò. Ọmọ tí kò wá, ìlà rẹ̀ kò ní nọ́ńbà kankan, kódà bí òfin iléèwé bá ní kí wọ́n kọ òdo sínú káàdì rẹ̀. Òfin yẹn wà fún káàdì ọmọ náà, kò sọ nǹkan kan nípa bí tíṣà ṣe kọ́ kíláàsì.

Mi ò sọ̀rọ̀ lásán. Ní ìlú kan lẹ́yìn Ìkọ̀lé, kíláàsì ọlọ́mọ ọgbọ̀n kan ní ìpíndọ́gba 51.3 nínú ìṣirò, kíláàsì kejì ní 55. Ni ìpàdé òbí àti olùkọ́ bá gbóná. Àwọn kan ní tíṣà náà ò mọ nǹkan kan, àwọn míì ní nǹkan ń bẹ lábẹ́ ilẹ̀ kíláàsì yẹn, wọ́n sì dá ọjọ́ àdúrà. Wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ tíṣà. Ìgbà tí àwòrán èsì náà dé ọwọ́ mi, mo rí ọmọ mẹ́ta tí wọ́n fún ní òdo. Iléèwé fúnra rẹ̀ ló rán wọn lọ sáré ìje lọ́jọ́ ìdánwò! Ẹ yọ wọ́n kúrò, kí ẹ pín 1539 tó jẹ́ àròpọ̀ máàkì kíláàsì náà sí 27, ó di 57. Kíláàsì tí wọ́n ń gbààwẹ̀ lé lórí ló borí. Mo kọ gbogbo ìṣirò náà ránṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò dá tíṣà náà padà. Kí ló kan ilẹ̀ nínú ìṣirò pínpín?

Àṣìṣe kejì tí áàpù máa ń ṣe ni pé ó máa ń ka 3 bí 8, ó sì máa ń ka òdo bí lẹ́tà O. Bí ó bá ka 38 ti òkè yẹn bí 88, ìpíndọ́gba á di 64, kò sì sẹ́ni tí yóò fura, nítorí 88 jọ máàkì gidi. Tábìlì fúnra rẹ̀ ni yóò tú u fó: ọmọ yẹn ní 15 nínú tésìtì àti 23 nínú ìdánwò, 15 àti 23 kò lè di 88. Bí tésìtì bá wà ní òpó C, ìdánwò ní D, àpapọ̀ ní E, ẹ kọ èyí sí òpó F, kí ẹ fà á dé ìsàlẹ̀:

```
=C2+D2-E2
```

Gbogbo ìlà tó ní nọ́ńbà gbọ́dọ̀ mú 0 jáde. Èyí tí kò bá mú un jáde, ẹ padà sí àwòrán. Ìlà ABS yóò fi `#VALUE!` hàn, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà:

```
=COUNT(E2:E12)
=AVERAGE(E2:E12)
=MEDIAN(E2:E12)
=STDEV.P(E2:E12)
```

Excel kì í ka ABS mọ́ nọ́ńbà, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ka 6O tí ó ní lẹ́tà nínú náà, yóò fò ó láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé `COUNT` síwájú: tí kò bá jẹ́ 10, máàkì ẹnì kan ti sọnù. `STDEV.P` ni kí ẹ lò, nítorí gbogbo kíláàsì ló wà níwájú yín. `STDEV.S` wà fún ẹni tó ń fi ọmọ díẹ̀ díwọ̀n ọ̀pọ̀, tí ẹ bá lò ó níbí, yóò sọ 12.5 di 13.2.

Kí ẹ tó rán àwòrán wá, ẹ wo òpó ipò. Bí wọ́n bá ti to kíláàsì láti ipò kìíní lọ sísàlẹ̀, tí ojú fóònù yín sì gé e ní ipò ogún nínú ogójì, àwọn tó ṣe dáadáa nìkan lẹ gbé wá. Kò sí fọ́múlà tó lè dá ìdajì ìsàlẹ̀ padà. Ẹ fa ojú fóònù sísàlẹ̀, kí ẹ ya ìyókù, kí ìlà tó kẹ́yìn àwòrán àkọ́kọ́ tún hàn lókè àwòrán kejì, kí n lè mọ̀ pé kò sí ọmọ kankan tó já bọ́ sáàárín méjèèjì.